Kí Kọnkéré Má Baà Rọ́ Wa Lẹ́sẹ̀: Ìkìlọ̀ Lórí Bàtà Tẹ́níìsì àti Bádímíntìn

Ẹ̀yin ará wa ní Àkúrẹ́ àti nílùú Oǹdó, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé rákẹ́ẹ̀tì jáde ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bàtà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tiro wálé. Oríṣiríṣi bàtà ni mo ń rí lórí kọ́ọ̀tù: bàtà eré sísá, káńbáàsì pẹlẹbẹ, bàtà tí wọ́n fi ń lọ sí jímù, bàtà bádímíntìn tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Púpọ̀ nínú wọn mọ́ tónítóní, wọ́n sì bá ṣòkòtò mu. Ẹwà òkè bàtà ni à ń wò kí a tó sanwó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ ló sì ń pinnu bóyá a ó fẹsẹ̀ ara wa rìn lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Kọnkéré ló pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀tù tó wà lágbègbè wa. Òmíràn ní ọ̀dà lórí, ọ̀dà ti òmíràn ti ṣí kúrò pátápátá. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí amọ̀ pupa, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Roland Garros ní Páríìsì, mọ̀ pé ilẹ̀ náà máa ń gbà fún ẹsẹ̀: bí èèyàn bá sáré tó dúró lójijì, bàtà á fà díẹ̀ kó tó dúró. Kọnkéré kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Bàtà á dúró gbagidi, ara á sì máa lọ. Bí bàtà kò bá ní agbára láti dá ẹsẹ̀ dúró sórí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ni yóò gba gbogbo ìwúwo náà, kókósẹ̀ á sì dà síta. Àwọn iṣan tó so eegun pọ̀ lápá iwájú kókósẹ̀ ìta ló sábà máa ń kọ́kọ́ já.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa tí a ò mọ̀ ọ́n gbá dáadáa nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andy Murray, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ti gba ife Wimbledon lẹ́ẹ̀méjì, fi ẹsẹ̀ òsì rọ́ lórí kọ́ọ̀tù líle ní Miami. Ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà dé òpin, àfi ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé iṣan kan ti já pátápátá, èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán. Oṣù kárùn-ún ló tó padà sẹ́nu eré. Ọkùnrin yìí ní bàtà tó dára jù lọ, ó ní dókítà tirẹ̀, ọjọ́ sì ti pẹ́ tó ti ń fi nǹkan di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó bọ́ sórí kọ́ọ̀tù. Nítorí náà, mi ò ní purọ́ fún yín pé bàtà rere á gba èèyàn lọ́wọ́ gbogbo ewu. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín iye ìgbà tí ewu á kan ilẹ̀kùn kù. Bàtà burúkú, ní tirẹ̀, ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàrin wa ni bàtà eré sísá, nítorí òun ló kún ìsọ̀ bọ́sìkọ́nà, òun ló sì máa ń rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn jù. Fún títì ọ̀dà ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó ń sáré lójú títì, iwájú ló ń lọ ṣáá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó fóòmù rírọ̀ tó ga sí abẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, tó sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olójú àwọ̀n ṣe òkè rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Gbogbo ohun tó mú un dára lójú títì ló ń di àléébù lórí kọ́ọ̀tù. Ìwọ fẹ̀gbẹ́ sáré lé bọ́ọ̀lù tó lọ sígun, kí o wá tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ kí o lè dúró: fóòmù ẹ̀gbẹ́ ìta á tẹ̀ wọlé, èyí tó wà nínú ò ní tẹ̀, gìgísẹ̀ tó wà lókè á wá rí ọ̀nà dà. Aṣọ olójú àwọ̀n kò lè dá ẹsẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ á fò kọjá etí àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú ààyá kan lọ.

Bàtà tẹ́níìsì gidi yàtọ̀ pátápátá, ọwọ́ lásán sì tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ojú ti yín láti dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á, ìbáà jẹ́ ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ tàbí lẹ́bàá ọ̀nà nílùú Oǹdó. Owó yín ni. Ẹ kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò àti ìka di ibi tó ń gba gìgísẹ̀ mú lẹ́yìn, kí ẹ sì fún un. Ó yẹ kó le, kó má wó. Tó bá wó lulẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kan mú iwájú rẹ̀, ẹ fi èkejì mú ẹ̀yìn, kí ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Bàtà kọ́ọ̀tù máa ń ní ike líle kan láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ kó lọ́ pọ̀. Èyí tó bá lọ́ yípo, ẹsẹ̀ yín náà ni yóò lọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ wá ká a: ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti ká. Bàtà tó bá ká láàárín gbùngbùn ti rọ jù.

Ẹ yí i síta, kí ẹ wo etí àtẹ́lẹsẹ̀ lápá ọmọńdinrín. Lára bàtà tẹ́níìsì, rọ́bà ibẹ̀ máa ń yọ síta díẹ̀ kọjá òkè bàtà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gbé ẹsẹ̀ ró nígbà tó bá fẹ́ dà. Níkẹyìn, ẹ wọ̀ ọ́ tòun ti ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, èyí tí ẹ ti mú láti ilé, kí ẹ so okùn rẹ̀ dé òkè, kí ẹ wá dìde dúró kí ẹ ti ẹsẹ̀ síta mọ́ ẹ̀gbẹ́ bàtà. Bí ẹ̀gbẹ́ bàtà bá rọ̀ tí ẹsẹ̀ sì wú jáde kọjá àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀rí ti pé. Níwájú àtàǹpàkò, ẹ fi àyè ìbú ìka kan sílẹ̀. Kí àwọn òbí jọ̀ọ́, kí wọ́n má ra èyí tó tóbi fún ọmọ kó lè máa wọ̀ ọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sún kiri nínú bàtà ti pàdánù ohun tí wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ bàtà fún.

Ọ̀rọ̀ ti bàtà bádímíntìn wá dà bí òdìkejì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bàtà náà dára. Ó lọlẹ̀, ó fúyẹ́, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ewu kó dà sì kéré nítorí gìgísẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀. Ilé tó ní pátákó tàbí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni wọ́n ṣe é fún. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì ń lẹ̀, kó lè di ilẹ̀ tó ń dán mú láì fi àmì síbẹ̀. Gbé e sórí kọnkéré níta, rọ́bà rírọ̀ yẹn ni ilẹ̀ yóò máa họ jẹ. Ẹni tó bá ń gbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lè rí i pé kò pẹ́ tó fi jẹ dé fóòmù. Ìṣòro kejì tún wà: fóòmù inú rẹ̀ tínrín. Pátákó àti kápẹ́ẹ̀tì máa ń gba díẹ̀ nínú agbára ìfò, kọnkéré kì í gbà rárá. Gìgísẹ̀ àti orúnkún ló ń san gbèsè yẹn, pàápàá fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún.

Bí ẹ bá ń gbá bádímíntìn lórí kọnkéré níta, bí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń ṣe, bàtà tẹ́níìsì ni kí ẹ wọ̀. Ó wúwo ju èyí tí ẹ fẹ́ lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n rọ́bà abẹ́ rẹ̀ le, ilẹ̀ líle ni wọ́n sì fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kí ẹni tó ní bàtà bádímíntìn gidi tọ́jú rẹ̀ fún inú ilé. Kó má sì wọ̀ ọ́ jáde láti ilé, kó gun ọ̀kadà, kó rìn lórí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ kó tó dé ibi eré. Ẹ fi sínú báàgì, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá kọ́ọ̀tù. Ìmọ̀ràn yẹn kan bàtà tẹ́níìsì pẹ̀lú.

Wàyí o, ká wá sọ ti jíjẹ abẹ́ bàtà. Ẹ yí bàtà tẹ́níìsì tuntun padà, ẹ ó rí ìlà wọ́gọwọ̀gọ tó kún abẹ́ rẹ̀. Ìlà wọ̀nyẹn ló ń di ilẹ̀ mú síbikíbi tí ẹ bá yà sí, àlàfo àárín wọn ni eruku ń bọ́ sí kó má baà dúró láàárín rọ́bà àti kọnkéré. Bí ìlà bá ti jẹ tán, bàtà á máa dì mú lójú ibi tó mọ́, ṣùgbọ́n bó bá tẹ eruku ọyẹ́ tàbí omi díẹ̀, á yọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí ló ń tan èèyàn jẹ: ọgbọ̀n ìgbà lè kọjá tí kò ní yọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù l'Ákùúrẹ́ ní kí n bá òun wo bàtà òun, ó ní ó ṣì dára nítorí òkè rẹ̀ kò ya. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò. A yí méjèèjì padà sórí bẹ́ǹṣì. Ti ọ̀tún ti jẹ ní imú, lápá àtàǹpàkò, títí rọ́bà fi fẹ́lẹ́. Iyẹn jẹ́ ti ẹsẹ̀ tó máa ń wọ́ nílẹ̀ nígbà tó bá ń sáfù. Ti òsì náà jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú, lẹ́bàá àtàǹpàkò. Mo bi í bóyá ó tún ń gbá bádímíntìn, ẹ̀rín pa á, ó ní ṣé mo ti ń ṣọ́ òun ni. Ìdí tí mo fi mọ̀ ni pé ẹni tó bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún ní bádímíntìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń na ara lọ síwájú, tòsì á sì máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó ń kọ mí lóminú ju méjèèjì lọ wà lábẹ́ ìdí àtàǹpàkò, níbi tí èèyàn ti ń yí ara. Ìlà ibẹ̀ ti parẹ́, ojú kan tó fẹ̀ ju ẹyọ owó lọ ti di bọ̀rọ́, àárín rẹ̀ sì ti yí àwọ̀. Àwọ̀ kejì yẹn kì í ṣe ti rọ́bà mọ́, fóòmù ló ti yọjú.

Bí ẹ ṣe lè ka ti yín náà nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fọ abẹ́ bàtà, kí ẹ fi èékánná tọ́ ọ lábẹ́ ìdí àtàǹpàkò àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta iwájú. Bí èékánná bá ṣì kọ́ nínú ìlà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń yọ̀ kọjá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó òmíràn jọ. Bí àwọ̀ kejì bá yọjú lábẹ́ ìdí àtàǹpàkò, ọjọ́ náà ni kó fi kọ́ọ̀tù sílẹ̀. Jíjẹ imú kò le tó bẹ́ẹ̀. Aránbàtà lè fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn kó sì tún pẹ́ díẹ̀. Àmọ́ kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi awọ táyà tàbí rọ́bà bàtà ilé-ẹ̀kọ́ pààrọ̀ gbogbo abẹ́ bàtà kọ́ọ̀tù. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Síbẹ̀, rọ́bà yẹn kò ní ìlà tó yẹ, etí tó yọ síta fún ààbò á lọ, ẹsẹ̀ kan sì lè ga ju èkejì lọ.

Ewu kan tún pamọ́ sínú bàtà òkirìkà tó dà bí tuntun. Fóòmù máa ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní pọ́líyúrétéènì tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń jẹ láti inú, ilẹ̀ wa sì ní ọ̀rinrin. Bàtà tó ti wà nínú àpótí tàbí ilé ìkẹ́rù fún ọdún púpọ̀ lè mọ́lẹ̀ lójú, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣí dànù lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí ẹ bá sáré. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà nínú ahọ́n bàtà. Lọ́pọ̀ ìgbà, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀: 08/17 túmọ̀ sí oṣù kẹjọ ọdún 2017. Èyí tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, ẹ fura sí i. Ẹ ká a léraléra, ẹ fi èékánná tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń sán, tàbí tí lẹ́búlẹ́bú ń bọ́ lára rẹ̀, tàbí tí gọ́ọ̀mù ti là, ẹ má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Bàtà tó dára pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà òjò, igun kọ́ọ̀tù tí igi ṣíji bò máa ń hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀. Kò sí rọ́bà tó lè di ibẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ tàbí kí ẹ má gbá lọ́jọ́ náà. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbá eruku kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bàtà tuntun náà ń fẹ́ sùúrù, torí ó máa ń di kọnkéré mú ju bí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi gbá bọ́ọ̀lù wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó wọ ìdíje.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ tí ẹsẹ̀ rọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fi ojú akin parí eré. Ẹ tú okùn bàtà, ẹ fi omi dídì tí ẹ fi aṣọ wé lé e fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tún un ṣe léraléra lọ́jọ́ náà, ẹ fi báńdéèjì dì í láìfún jù, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí. Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí àbóníkì àti omi gbígbóná wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà ò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Wíwọ́ ní àkókò yẹn ń mú kó wú sí i ni, bí eegun bá sì ti ṣẹ́, ó lè ba nǹkan jẹ́ jù.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá eegun ti ṣẹ́? Ẹ gbìyànjú láti rin ẹsẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ kò bá lè rìn ín, ẹ lọ ya fọ́tò eegun. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó bá dùn yín gan-an nígbà tí ẹ tẹ eegun kókósẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ìbáà ṣe ti inú tàbí ti ìta, tàbí nígbà tí ẹ tẹ àárín ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, níbi tí eegun kékeré kan ti yọ, tàbí òkè ẹsẹ̀ lápá inú, níwájú ọrùn ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá wà l'Ákùúrẹ́, ó wà l'Óǹdó pẹ̀lú. Kò sí ìdí tí ẹ óò fi máa méfò nílé. Ọ̀kan tún wà tí kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú, pàápàá láàrin àwọn tó ń gbá bádímíntìn: èèyàn á rò pé ẹnì kan gbá òun nípàá lẹ́yìn gìgísẹ̀, á bojú wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dìde lórí ìka mọ́, iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lè ti já. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Èyí tó rọ́ díẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, èyí tó le lè gba oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń ṣọ́ọ̀bù, tó ń wakọ̀, tó ń dúró kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, kó ṣírò iye tí àkókò yẹn á jẹ nínú owó rẹ̀, kó wá fi wé iye bàtà. Kí ẹ tó padà sórí kọ́ọ̀tù, ẹ rí i dájú pé ẹ lè rìn láì tiro, pé ẹ lè fi ẹsẹ̀ tó rọ́ náà nìkan dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ààyá láì di ògiri mú, kí ẹ sì lè fi í fò sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí ìrora. Ẹ máa fi nǹkan dì í fún oṣù díẹ̀, torí kókósẹ̀ tó ti rọ́ lẹ́ẹ̀kan tètè máa ń rọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ yín lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ náà, ẹ tún un yẹ̀ wò láti gìgísẹ̀ dé imú kí ẹ tó tún so okùn rẹ̀.